Kí ló dé tí wọn ò gba rẹlẹfé lọ́wọ́ ọmọ yín

Tẹ́ ẹ bá ń bá ọmọ ṣe dosié láti lọ kàwé ní Kánádà tàbí Amẹ́ríkà, ibi tó máa ń há sí jù ni ọ̀rọ̀ rẹlẹfé, ìwé tí wọ́n kọ máàkì ọmọ sí yẹn. Diplọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, pásípọ́ọ̀tù wà nílẹ̀, ọmọ ti sìkáànì gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, ni wọ́n bá fèsì pé àwọn rí i o, àmọ́ kí iléèwé tó ti kàwé fi rẹlẹfé ránṣẹ́ sáwọn fúnra wọn. Inú á wá máa bí ìyá ọmọ. "Ṣé ìwé kan náà kọ́ ni? Òǹtẹ̀ kan náà, ọwọ́ ọ̀gá kan náà ló wà lórí ẹ̀, àbí wọ́n ń pe ọmọ mi lólè ni?"

Èmi ti jókòó lẹ́yìn fèrèsé sikolaritẹ́ rí, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, èmi ni mo máa ń tẹ rẹlẹfé jáde, tí mo máa ń gbé e lọ bá ọ̀gá kó buwọ́ lù ú, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Lóòótọ́, ìwé kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ló tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọwọ́ tó gba kọjá. Èyí tí sikolaritẹ́ fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọwọ́ ilé ìwé ló ti kúrò, ọwọ́ òun ló bọ́ sí, ẹni tí máàkì yẹn máa ṣe láǹfààní ò sí láàárín rárá. Èyí tí ọmọ mú wá, ó ti sùn nílé ọmọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ oní-fótókópì ní Wandó, ó ti wọ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó bá a sìkáànì ẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé ọmọ ti tún nǹkan kan kọ níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Tòróńtò ò mọ ọmọ yín, kò mọ ilé yín, ìwé nìkan ló wà níwájú ẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lára ìwé yẹn tó lè jẹ́rìí fún un pé ẹnikẹ́ni ò tún un kọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè sọ 08 di 18 kí omi ẹ̀bà tó hó.

Ibi tí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ti máa ń tan ara wa jẹ ni lẹgalisé. A ó mú ojúlówó ìwé àti fótókópì ẹ̀ lọ sí mẹrí, ẹni tó wà níbẹ̀ á wo méjèèjì, á tẹ òǹtẹ̀ lu fótókópì, àwa náà á gbé e bọ̀ wálé pẹ̀lú ìdùnnú pé ìwé wa ti lágbára. Kí ni ẹni yẹn wá jẹ́rìí sí? Pé fótókópì yìí jọ ìwé tí ẹ fi han òun, ó parí síbẹ̀. Rẹ́jísítà tí ilé ìwé ń kọ máàkì sí ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, kò pe sikolaritẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ kọ́. Tí ìwé tí ẹ mú wá bá ti ní àtúnkọ nínú, àtúnkọ yẹn náà ló máa lẹgalisé, kò sì ní jẹ̀bi. Fún kọ̀ǹkúù níbí ńkọ́, wọ́n ń gbà á, kò burú, torí tí wọ́n bá fura wọ́n lè rán èèyàn lọ sí fakiltẹ́ lọ wádìí. Àmọ́ lójú ẹni tó wà lókè òkun, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì ti wá.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú nìkan sì kọ́ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ apá kejì yìí. Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fẹ́ lọ ṣe másítà. Ẹ mọ̀ pé lísáǹsì wa jẹ́ sẹmẹ́sítà mẹ́fà, kirẹ́dì 30 lórí sẹmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ 180. Ní sẹmẹ́sítà karùn-ún, iṣẹ́ kan tó ní kirẹ́dì 6 fún un ní 08 lórí 20, kò rí i gbà. Bí wọ́n ṣe lẹ èsì gbogbo ọdún kẹta mọ́ ògiri ló ti sáré lọ gba rẹlẹfé, torí ẹnì kan ti sọ fún un pé tó bá pẹ́ á máa tò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló wá ṣe ratirapáàsì, ó rí 12 gbà, kirẹ́dì ẹ̀ pé, wọ́n fún un ní atẹsitásọ̀n pé ó ti parí lísáǹsì. Kò wá padà lọ gba rẹlẹfé tuntun, ṣebí ọ̀kan ti wà nílé.

Ó fi dosié ránṣẹ́. Ẹni tó kà á ṣírò kirẹ́dì, ó rí 174, ó wo atẹsitásọ̀n, ó rí i pé wọ́n ní ọmọ yìí ti parí. Ìwé méjì láti ilé ìwé kan náà ń ta ko ara wọn. Ẹ wò ó, ọmọ yẹn ò parọ́, kò tún nǹkan kan kọ, ojúlówó ni ìwé ọwọ́ ẹ̀, òǹtẹ̀ ẹ̀ ò ní àbùkù. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló ti kọjá. Rẹlẹfé tó bá wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bí rẹ́jísítà ṣe rí lọ́jọ́ tó gbà á ló ń sọ. Èyí tí sikolaritẹ́ bá tẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lónìí, bí rẹ́jísítà ṣe rí lónìí ni. Nígbà tí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́, 12 ló wà níbẹ̀, 180 pé, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ wá yí i padà síbòmíì. Ká ní ọmọ kan ṣe màgòmágó nínú ìdánwò, wọ́n rí i lẹ́yìn tí èsì ti jáde, wọ́n fagi lé máàkì ẹ̀. Rẹlẹfé tó ti gbà ṣáájú wà nílé ẹ̀, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ẹ bá gbé ìwé ọmọ yìí àti ti àbúrò mi sórí tábìlì, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí fakiltẹ́ fi ránṣẹ́ nìyẹn, wọn ò bú ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ ti bébà, sikolaritẹ́ á ká rẹlẹfé gbogbo ọdún sínú àpò lẹ́tà, wọ́n á lẹ ẹnu ẹ̀ pa, wọ́n á wá tẹ òǹtẹ̀ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn gan-an, kí ìdajì òǹtẹ̀ wà lórí ẹnu àpò, kí ìdajì wà lára àpò, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ á sì buwọ́ lù ú kí ìlà bíró gba orí ẹnu àpò kọjá. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i tó tún lẹ̀ ẹ́ padà, ìdajì òǹtẹ̀ yẹn ò ní bá èkejì mu mọ́, bó ti wù kó fara balẹ̀ tó. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò níbẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó ka máàkì kankan.

Ilé ìwé míì kì í fẹ́ ṣe wàhálà ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á kó àpò tí wọ́n ti lẹ̀ pa lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó lọ fi ránṣẹ́. Ibòmíì ń gbà á bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ bá ṣì wà ní pípa, ibòmíì ò gbà rárá, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ìyá kan ní Tọkpọta, ọmọ ẹ̀ gbé àpò yìí délé, ó gbé e sórí tẹlifísàn, ó lọ wẹ̀. Kó tó jáde ní balùwẹ̀, màmá ti fi ọ̀bẹ la ẹnu ẹ̀ láti ṣe fótókópì tí wọ́n máa tọ́jú sílé. Ọmọ figbe ta. Màmá ní "Kí ló tún dé, mi ò ya ìwé kankan, wò ó, gbogbo ẹ̀ pé." Ìwé pé lóòótọ́, àmọ́ ó ti di ìwé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, wọ́n padà lọ sí sikolaritẹ́ lọ sanwó òmíràn. Torí náà tí ẹ bá fẹ́ tiyín, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan fún yín lọ́tọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Tó bá jẹ́ ti ímeèlì, ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní orúkọ ilé ìwé lẹ́yìn @. Mo mọ sẹkirẹtẹ́ẹ̀rì tó láàánú, tó fi Yahoo ara ẹ̀ bá ọmọ fi rẹlẹfé ránṣẹ́ nítorí pé ímeèlì ilé iṣẹ́ ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dá a padà, torí ta ló mọ ẹni tó ni Yahoo yẹn, ọmọ náà lè ṣí irú ẹ̀ mẹ́wàá lálẹ́ kan. Tí ilé ìwé bá sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọmọ, tí ọmọ wá tì í síwájú lọ sí Kánádà, kò yàtọ̀ sí èyí tó mú dání lọ. Kódà tí wọ́n bá gba ímeèlì tó dáa, àwọn míì á tún pe ilé ìwé láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í sì í pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹlẹfé, nọ́ńbà tí àwọn fúnra wọn wá rí ni wọ́n máa pè.

Gbogbo ibi kọ́ ló ń béèrè báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ fakiltẹ́ lọ́hùn-ún á ní kí ọmọ fi sìkáànì tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná, ìgbà tí wọ́n bá ti mú un ni wọ́n á ní kí ilé ìwé fi ojúlówó ránṣẹ́, wọ́n á sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí wọn ò bá dọ́gba, wọ́n lè gba ipò náà padà. Irú rẹlẹfé bíi ti àbúrò mi ló yẹ kí ẹ ti pààrọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Nǹkan méjì ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún sikolaritẹ́. Àkọ́kọ́, tí ẹ̀yin bá ń sanwó DHL, ó dáa, àmọ́ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwé ni kí wọ́n kọ síbi ẹni tó ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe orúkọ bàbá ọmọ. Ìkejì ni nọ́ńbà dosié. WES tó ń yẹ ìwé wò fún Kánádà àti Amẹ́ríkà máa ń fún ọmọ ní nọ́ńbà, kí wọ́n kọ ọ́ sára àpò àti sórí fọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀. Ẹ mọ bí orúkọ wa ṣe rí níbí, ìwé ìbí kọ Adechina, pásípọ́ọ̀tù kọ Adesina, fakiltẹ́ tún fi orúkọ bàbá ṣáájú. Àpò tí kò ní nọ́ńbà lè dé tán kó jókòó síbẹ̀ nítorí wọn ò mọ dosié tó máa wọ̀, kí ọmọ sì máa rí i lójú ẹ̀rọ pé wọn ò tíì gba nǹkan kan.