Síláìdì tí wọ́n fi pamọ́, ṣé ó yẹ kó wọ inú àkópọ̀?

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi lónìí ni pé kí n ka fáìlì síláìdì kan, kí n sì kọ kókó inú rẹ̀ sí ojú ewé kan fún ọ̀gá tí kò ní lè wá sí ìpàdé. Ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sórí tuntun ló dá lé. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ohun tó gbà mí lákòókò ni pé ohun tó wà nínú fáìlì pọ̀ ju ohun tí ojú máa rí nípàdé lọ. Wọ́n fi síláìdì méjì pamọ́, márùn-ún wà lẹ́yìn pátápátá lábẹ́ àkọlé “Àfikún”, ọ̀kan sì wà tí nǹkan inú rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí olùgbékalẹ̀ bá ṣe ń tẹ bọ́tìnnì.

Kí n tó kọ gbólóhùn kankan, mo kọ́kọ́ yanjú ohun kan: ṣé àkópọ̀ fáìlì ni mò ń kọ ni, àbí àkópọ̀ ohun tí àwọn tó jókòó sípàdé máa rí? Ọ̀gá tó rán mi fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa fẹnu kò lé lórí. Torí náà, ohun tí olùgbọ́ máa rí ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, ohunkóhun tí mo bá sì mú wá láti ibòmíràn nínú fáìlì, màá sọ ibi tí mo ti mú un. Ká ní ayẹ̀wé-owó-wò ló rán mi ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, torí ohun tí wọ́n fi pamọ́ gan-an lè jẹ́ ohun tó ń wá.

Síláìdì 11 ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. PDF ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, nínú PDF sì rèé, gbogbo ohun tó wà lórí síláìdì máa ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pé èyí ń wọlé tàbí ìyẹn ń jáde. Níbi tí ọjọ́ ìparí iṣẹ́ wà, lẹ́tà ti gun ara wọn. Mo da ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọ, ohun tí mo sì rí ni: “Iṣẹ́ máa parí ní Oṣù Kẹfà Iṣẹ́ máa parí ní Oṣù Kẹsàn-án.” Ẹni tó bá ń kánjú á kọ ọ́ pé iṣẹ́ máa parí láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ó sì ti ṣi ọ̀gá lọ́nà nìyẹn.

Mo ní kí wọ́n fi fáìlì PowerPoint gan-an ránṣẹ́, mo wá ṣí `Animation Pane`. Ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé níbẹ̀ ni ohun tó ń wọlé, ìràwọ̀ pupa ni ohun tó ń jáde. Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé “Oṣù Kẹfà” ti wà lójú síláìdì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, gbólóhùn kan á wọlé pé àyẹ̀wò ààbò máa gba oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, “Oṣù Kẹfà” á jáde, “Oṣù Kẹsàn-án” á sì gba ipò rẹ̀. Ìtò yẹn gan-an ni àlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo kọ ni pé iṣẹ́ máa parí ní Oṣù Kẹsàn-án, pé Oṣù Kẹfà ni wọ́n dá tẹ́lẹ̀, àti pé àyẹ̀wò ààbò ló sún un síwájú. A kò lè mọ èyí láti inú ọ̀rọ̀ tí a dà kọ, torí bí nǹkan ṣe tò léra lórí síláìdì, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́, ni fáìlì fi ń to ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì.

Ìpinnu mi lórí irú síláìdì bẹ́ẹ̀ ni pé ipò tó bá parí sí ni mo gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ olùgbékalẹ̀. Bí gbogbo ìràwọ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, tó kàn jẹ́ pé kókó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa kà á bíi síláìdì lásán. Ṣùgbọ́n bí pupa kan bá wà níbẹ̀, mo ní láti mọ ohun tó jáde àti ìdí rẹ̀. Àwọn kan kì í lo èyí rárá o, ńṣe ni wọ́n máa ń da síláìdì kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí wọ́n á máa fi ìlà kan kún un. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń ka irú ìyẹn sí.

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ewé ló kọ́kọ́ ta mí lólobó pé nǹkan wà nípamọ́. Ó fo láti 6 bọ́ sí 8, ó tún fo láti 12 bọ́ sí 14. Síláìdì tí a fi pamọ́ kì í sọ nọ́ńbà rẹ̀ nù, bí wọn ò bá sì kó o sínú PDF, àlàfo yẹn á hàn. Bí wọ́n bá kó o síbẹ̀ ńkọ́? Á dà bí àwọn yòókù ni, kò sí bí a ṣe lè dá a mọ̀. Nínú fáìlì PowerPoint, mo fi àṣẹ yìí wá wọn:

```
unzip -q eto.pptx -d eto
grep -l '<p:sld [^>]*show="0"' eto/ppt/slides/*.xml
```

Orúkọ fáìlì tí àṣẹ yìí bá mú jáde lè má bá nọ́ńbà síláìdì mu bí wọ́n bá ti gbé síláìdì kúrò láyè rẹ̀, torí náà mo tún fi ojú ara mi wò ó. Nọ́ńbà síláìdì tó wà nípamọ́ máa ń ní ìlà tó dábùú rẹ̀.

Síláìdì 13 kò dà mí láàmú. Bọ́tìnnì kan wà lórí síláìdì 12 tó ń gbé ènìyàn lọ síbẹ̀, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa padà sórí ẹ̀rọ àtijọ́ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ìdáhùn tí olùgbékalẹ̀ ti pèsè sílẹ̀ de ìbéèrè ni. Mo kọ ọ́ ní ìlà kan, mo sì sọ pé wọn ò ní fi í hàn àyàfi bí ẹnìkan bá béèrè.

Síláìdì 7 yàtọ̀. Kò sí ohun tó darí ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ó ní wákàtí 960 ni iṣẹ́ máa gbà, síláìdì 9 sì ní 1,440. Mi ò fi kún àkópọ̀, mi ò sì dákẹ́ nípa rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni fáìlì: “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ṣì ń lo síláìdì 7?” Wọ́n ní rárá, ìṣirò tí wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ààbò tó wọ̀ ọ́ ni, kí n má jẹ̀ẹ́ kó jáde síta. Mo wá rán wọn létí pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì náà máa rí i, torí pé fífi pamọ́ kì í ṣe píparẹ́. Wọ́n ti yọ ọ́ báyìí.

Àfikún, ìlà kan ni mo fẹ́ fún gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo yẹ 1,440 yẹn wò. Síláìdì 19 ló ṣàlàyé rẹ̀: ènìyàn 3, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé àwọn mẹ́ta náà kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Bí ìdajì àkókò wọn ni wọ́n bá lè yọ, ọ̀sẹ̀ 12 á di 24, Oṣù Kẹsàn-án kò sì ní ṣeé ṣe mọ́. Ibikíbi tí wọn ìbáà fi í sí, ohun tí nọ́ńbà iwájú gbé ara lé nìyí, torí náà mo gbé e wá síwájú, mo kọ “síláìdì 19, Àfikún” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Síláìdì àfikún mẹ́rin tó kù, orúkọ wọn nìkan ni mo dá ní ìlà tó kẹ́yìn, kí ọ̀gá lè mọ ibi tó máa wò bó bá fẹ́.