"Ọkọ mi" ni mo ní kí wọ́n kọ sórí kéèkì

Nígbà tí ọkọ mi pé ogójì ọdún, mo bẹ arábìnrin kan tó ń ṣe kéèkì n'Íbàdàn pé kó bá mi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sórí páálí tó ń dán tí wọ́n máa ń gún sórí kéèkì: "Ọkọ mi ọ̀wọ́n." Orí fóònù ni mo ti fi ránṣẹ́ sí i. "Oko mi owon" ni mo tẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ṣe máa ń kọ ọ́ síra wa, a sì ń gbọ́ra wa yé.

Arábìnrin náà ò fẹ́ kí Yorùbá òun wà níhòòhò. Ó fi àmì sí i. Ohun tó gbé wá ni "Okó mi òwón."

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí lo ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Mo ní, "Ọkọ mi ọ̀wọ́n ni, Màmá." Wọ́n ní, "Lọ kà á dáadáa." Mo padà lọ kà á, ara mi sì tutù. Ẹ̀yà ara tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà ni mo gbé sójú agbo, tí mo tún ń pè é ní tèmi. Màmá fúnra wọn ló fa páálí náà yọ, wọ́n dojú rẹ̀ dé sábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ya fọ́tò.

N kò bá arábìnrin yẹn jà, torí èmi ni mo fi lẹ́tà lásán ránṣẹ́. Nígbà tó ṣàlàyé bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò. Tí èèyàn bá tẹ "o" mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, ó máa rí "ò", ó máa rí "ó", ṣùgbọ́n kò ní rí "ọ". Ó mú èyí tó rí.

Bẹ́ẹ̀ "ọkọ", ohùn àárín ni sílébù méjèèjì, a kì í sì í fi àmì sórí ohùn àárín. Àmì abẹ́ "ọ" nìkan ló ń dáàbò bò ó. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó di oko tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ẹ wá fi àmì òkè sí ìparí oko yẹn, ó di ohun tí Màmá rí. Kódà, bí àmì abẹ́ bá wà níbẹ̀, àmì orí tí kò yẹ ṣì lè bà á jẹ́: ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń jagun. Bákan náà ni "aya mi". Ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tó kọ "àyà mi", igbá àyà ara rẹ̀ ló ń kí.

"Ìfẹ́ mi" yàtọ̀ ní tirẹ̀. Òun ló nílò gbogbo àmì rẹ̀, torí "ife mi" tí a kọ lásán, ife tí a fi ń mu omi ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé "oko mi owon" tí mo tẹ̀ kò lè dójú tì mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì rárá máa ń fi ọgbọ́n orí tún un kà. Ṣùgbọ́n tí àmì bá ti wà níbẹ̀, ojú gbà á gbọ́, ohun tí àmì bá sọ ló máa kà.

Ní báyìí, mo ti lọ sínú Gboard, ìyẹn kíbọọ̀dù orí fóònù mi, mo wọ Languages, mo tẹ Add Keyboard, mo mú Yoruba. "ẹ", "ọ" àti "ṣ" wà níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí nìkan ò tó fún ohun tí wọ́n máa tẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà kò ní "ọ́" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ńṣe ló ń to "ọ" àti àmì òkè pọ̀. Àwọn ìkọ̀wé ọlọ́nà tí àwọn oníkéèkì fẹ́ràn kì í sábà mọ̀ ọ́n tò: àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Nítorí náà, mo máa ń fi báírò kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, màá sì ní kí wọ́n fi fọ́tò iṣẹ́ náà hàn mí kí wọ́n tó gbé e wá. Abẹ́ "ọ" ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kí n tó wo orí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àpótí kékeré yẹn náà ló yọ jáde. Mo ní kí arábìnrin náà pa páálí tì, kó fi ọwọ́ kọ ọ́ pẹ̀lú ṣúgà, kó fi igi ìtayín to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá tẹ̀ba, wọ́n kà á tán, wọ́n ní kí n gé tiwọn wá.