Bí mo ṣe gba ọ̀nà pírọ́kísì nígbà tí wáìfáì ilé ìtura dí Wọ́sáàpù

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé ìtura tí mo fẹ́ sùn sí. Mo so fóònù mọ́ wáìfáì wọn. Ojú ewé ìròyìn ń ṣí wàràwàrà, ṣùgbọ́n Wọ́sáàpù kò kúrò lórí "Connecting…". Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ń retí àdírẹ́sì ibi tí a ó ti pàdé láàárọ̀.

Mo pa wáìfáì, mo tan dátà síìmù mi. Kíá ni àwọn ìfiránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. A jẹ́ pé áàpù náà kò ní àlébù, wáìfáì yẹn ló ń dí i. Àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú, torí bí ó bá kọ̀ lórí méjèèjì, ó lè jẹ́ áàpù ló bàjẹ́, tàbí kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti dí i. Dátà tó kù fún mi kò lè gbé mi dé ìparí ìrìnàjò, nítorí náà mo wá ọ̀nà mìíràn.

Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Wọ́sáàpù ti ní àyè fún pírọ́kísì. Ẹ̀rọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, tó máa ń dúró láàárín: fóònù á bá a sọ̀rọ̀, òun á sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Wọ́sáàpù. Wáìfáì tó ń dí Wọ́sáàpù á kàn rí i pé ẹ̀rọ mìíràn lo ń lọ bá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí SMS. Mo wọ Settings, mo tẹ Storage and data, lẹ́yìn náà Proxy. Mo tan Use proxy, mo tẹ Set proxy, mo kọ àdírẹ́sì náà, mo sì fi í pamọ́. Àmì ìfọwọ́sí yọ, ìyẹn ni pé ó ti so pọ̀.

Ọ̀rọ̀ lásán ń kọjá dáadáa, àmọ́ àwòrán máàpù tí mo fi ránṣẹ́ ń yí po ṣáá. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹ̀rọ náà ní àwọn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù, pé pọ́ọ̀tù 443 nìkan lòun là sílẹ̀, pé 587 tàbí 7777 ló wà fún àwòrán. Nígbà tó là á, àwòrán lọ.

Ẹni tó ni pírọ́kísì kò lè ka ọ̀rọ̀ rẹ, torí Wọ́sáàpù ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti orí fóònù rẹ dé ti ẹni tó ò ń kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n á rí nọ́ńbà IP rẹ, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti àkókò tó o wọlé. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń lo èyí tí ẹni tí mi ò mọ̀ kàn jù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí àmì ìfọwọ́sí bá sì yọ, tí ìfiránṣẹ́ kò lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dí pírọ́kísì náà fúnra rẹ̀: tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o pa á rẹ́, kí o fi òmíràn sí i.

Ìpè kì í gba pírọ́kísì kọjá. Dátà síìmù mi ni mo fi pe àbúrò mi.