Ojú Ìyá Àgbà tí kò wo kámẹ́rà: àtúnṣe fọ́tò ìsọmọlórúkọ

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ẹni tó bá ti dúró ya fọ́tò níbi àríyá wa mọ ọ̀ràn yìí. Onífótò tí a sanwó fún wà níwájú, àwọn tó gbé fóònù tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oníkálukú wọn ń pariwo pé "Ẹ wo ibí!" Nínú fọ́tò tó dára jù lọ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, gbogbo ẹbí ló ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ Ìyá Àgbà di ojú. Nínú èyí tí onífótò yà tẹ̀ lé e, ojú wọn là dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé fóònù sókè lápá ọ̀tún fọ́tò ni wọ́n yí ojú sí. Mo fẹ́ gbé ojú inú fọ́tò kejì sínú ti àkọ́kọ́, kí ó sì máa wo kámẹ́rà bíi ti àwọn yòókù.

Gbígbé e nìkan kò le. GIMP, ètò àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò. Mo fi Free Select yí ojú méjèèjì ká pẹ̀lú ìpéǹpéjú òkè àti ìsàlẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò àkọ́kọ́, mo sì fi Unified Transform tò ó títí igun ojú fi bá igun ojú mu. Layer Mask àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló pa ẹnu ààlà rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ya méjèèjì, nítorí náà àwọ̀ kò fún mi ní wàhálà.

Ohun tó kù ni ibi tí ojú ń wò. Ó yà mí lẹ́nu pé Ìyá Àgbà kò wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, wọn kò sì wo kámẹ́rà. Àárín méjèèjì ni wọ́n ń wò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí. William Hyde Wollaston, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ti ṣàlàyé irú ọ̀ràn yìí fún Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1824: o lè ya ojú méjì kan kí o má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, bí o bá yí imú àti ìyókù ojú tó yí wọn ká padà, ibòmíràn ni àwòrán náà yóò máa wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí níhìn-ín. Nínú fọ́tò kejì, orí wọn yí díẹ̀ sápá ọ̀tún, ẹyinjú wọn sì parí ìyókù. Nínú ti àkọ́kọ́, orí wọn dúró gangan. Èyí tí orí ṣe ti lọ. Èyí tí ẹyinjú ṣe ló ṣẹ́ kù, òun ni mo ní láti dá padà.

Sátidé

N kò fẹ́ máa fi ojú díwọ̀n. Mo wá fọ́tò mìíràn láti ọjọ́ náà tí Ìyá Àgbà ti wo kámẹ́rà gangan, tí orí wọn kò sì yí. Mo fi Measure wọn ibi tí àárín dúdú ojú wọn wà sí igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, lẹ́yìn náà mo wọn èyí tí mo lẹ̀. Dúdú ojú tí mo lẹ̀ ti fi píksẹ́lì 12 sún sápá ọ̀tún jù.

Mo tún fi ìṣirò wò ó bóyá iye yẹn bọ́gbọ́n mu. Dúdú ojú àgbàlagbà máa ń tó mílímítà 12 ní fífẹ̀, lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó jẹ́ rúlà tó wà nínú gbogbo fọ́tò. Tiwọn fẹ̀ ní píksẹ́lì 64 níhìn-ín, ìyẹn ni pé mílímítà kan jẹ́ píksẹ́lì márùn-ún lé díẹ̀. Bí ẹyinjú bá yí ní dígírì 10, ọmọlójú máa ń sún ní nǹkan bíi mílímítà 2. Píksẹ́lì 12 wá túmọ̀ sí dígírì 12 tàbí díẹ̀ sí i. Ó bá ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró mu.

Ìṣòro wà nínú sísún un. Bí o bá fi Warp Transform fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, dúdú ojú á gùn bí ẹyin. Mo yọ dúdú ojú sórí ìpele tirẹ̀, mo sì fi Clone dí ihò tó ṣẹ́ kù. Má fi funfun lásán kun ún. Funfun ojú àgbàlagbà ní àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀, ó máa ń ṣókùnkùn sí igun, òjìji ìpéǹpéjú sì wà lókè rẹ̀. Bí o bá kùn ún funfun gbòò, ojú náà á dà bí ti bèbí. Lẹ́yìn èyí mo parí dúdú ojú sí òbírí kíkún, nítorí ìpéǹpéjú òkè ti gé orí rẹ̀ kúrò, ibi tí yóò gé é kò sì ní jẹ́ ibi kan náà mọ́ tí mo bá ti sún un. Ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe Layer Mask tó bo òkè náà.

Ìmọ́lẹ̀ kékeré tí fíláṣì fi sínú ojú ni mo fi sílẹ̀ sórí ìpele kẹta, torí kò gbọ́dọ̀ bá dúdú ojú rìn dọ́gba. Orí awọ ìta ojú tó yọ síwájú ló ti ń tàn, nígbà tí ẹyinjú bá sì yí, ó máa ń sún ní bí ìdajì ohun tí ọmọlójú sún. Nítorí náà dúdú ojú sún sápá òsì ní 12, ìmọ́lẹ̀ náà sún ní 6. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n "rí" mi. Mo wo ojú bàbá tó dúró tì wọ́n, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ náà wà lókè ọmọlójú, díẹ̀ sápá òsì, bíi ti Ìyá Àgbà báyìí.

Mo yí fọ́tò náà padà bí ẹni tó ń wo dígí, mo sọ ọ́ di kékeré, mo pe àbúrò mi láìsọ nǹkan kan fún un.

"Ta ni Ìyá Àgbà ń wò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n ń wò. Kí ló dé?"

Ó tó.

Oríire mi ni pé ọmọ náà gbé fóònù sí ìwọ̀n gíga kan náà pẹ̀lú kámẹ́rà. Ká ní ó jókòó sílẹ̀ ni, ìpéǹpéjú òkè ì bá ti tẹ̀ lé ojú wá sílẹ̀, sísún dúdú ojú kò sì lè ṣàtúnṣe ìyẹn. Bí ojú bá sì yí kọjá bíi dígírì 20, dúdú ojú kì í rí róbótó mọ́. Ó sàn kí a wá fọ́tò mìíràn.

Àìkú

Fọ́tò mìíràn tí mo tún ṣe yàtọ̀: ibi tí bàbá ọmọ ti ń wo ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ di bàìbàì. Kámẹ́rà kọ́ ni ojú tuntun gbọ́dọ̀ wò, ojú ọmọ ni. Ojú tí mo yá wá láti inú fọ́tò tó ti ń wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀ ni, torí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sún un sápá òsì, níbi tí ọmọ wà.

Ohun tí mo kíyè sí ni pé ojú méjèèjì kò gbọ́dọ̀ sún dọ́gba. Ọmọ kò jìnnà sí i ju bí ìdajì mítà lọ, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí sínú, sápá imú, ní dígírì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo sún ojú tó wà lápá ọ̀tún fọ́tò ní píksẹ́lì 11, èyí tó wà lápá òsì ní 5. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé méjèèjì sí 8, ó dà bí ẹni tó ń ronú nípa owó oúnjẹ, tó ń wo ọ̀nà jíjìn kọjá orí ọmọ rẹ̀. Ní ti Ìyá Àgbà kò sí wàhálà yìí, torí kámẹ́rà tó jìnnà tó mítà mẹ́ta kì í mú ojú yí sínú tó dígírì kan.

Ẹni tó kù ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ, tó wọ awò ojú. Gíláàsì rẹ̀ ń sún igun ojú kúrò níbi tí ó yẹ kó wà, fíláṣì sì tàn sórí gíláàsì náà fúnra rẹ̀. Fún tirẹ̀, màá kọ́kọ́ ya awò náà sórí ìpele tirẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ojú.