Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó padà wá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu ìtọ́jú àtọ̀sí ajá àti aràn inú ọmọdé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹnu iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó máa pín oògùn aràn: oògùn kan ṣoṣo kọ́ ló ń pa gbogbo aràn. Ìyá á mú ọmọ wá, á ní ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti fún un ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò dá. Tí ẹ bá wo páálí oògùn náà, albẹńdasóòlù lẹ máa bá níbẹ̀. Oògùn gidi ni fún aràn inú ìfun. Ṣùgbọ́n aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní bilihásíà, kì í gbé inú ìfun. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ló fi ṣe ilé, albẹńdasóòlù kò sì lè pa á níbẹ̀. Prasikuańtẹ́ẹ̀lì ni oògùn tirẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ aràn inú ìfun yá kíá, ká lè ráyè fún èkejì. Aràn gbọọrọ tó jọ ekòló ń gba ẹnu wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni aràn kékeré tó rí bíi pàṣán. Ẹyin wọn ń bá ìgbẹ́ jáde, àmọ́ ìgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kò tíì lè kó wọn ran ẹnikẹ́ni. Ẹyin náà gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ tútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó gbó. Nítorí náà, ilẹ̀ tí òjò ti fọ ìgbẹ́ kúrò lórí rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti mọ́, gan-an ni ọmọ tó ń fi ọwọ́ elérùpẹ̀ kan ẹnu ti ń kó o. Aràn kẹta, èyí tó ń bu ògiri ìfun jẹ tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí ojú rẹ̀ á fi funfun, kì í dúró de ẹnu: awọ ẹsẹ̀ lásán ló ń gbà wọlé. Albẹńdasóòlù 400 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni fún ọmọ tó ti pé ọdún méjì. Ìdajì rẹ̀ ni fún ọmọ ọdún kan sí méjì. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná fún àwọn kéékèèké, ẹ má sì dì wọ́n mú fún un nígbà tí wọ́n bá ń sunkún, nítorí oògùn lè gba ọ̀nà ọ̀fun òdì, kó sì fún ọmọ pa. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí aràn gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ku aràn pàṣán díẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá yàtọ̀ pátápátá, nítorí kò ti ara ọmọ kan bọ́ sára ọmọ mìíràn tààrà. Ẹni tó ní aràn yìí tọ̀ sínú omi odò tàbí adágún, ẹyin inú ìtọ̀ náà pa nínú omi, ohun tó jáde nínú ẹyin wá ìgbín kéékèèké kan tó ń gbé inú omi náà, ó wọ inú rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìgbín yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọmọ aràn jáde lójoojúmọ́. Láti inú ẹyin kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n máa ń pọ̀ jù nínú omi nígbà tí oòrùn bá mú, láàárín ọ̀sán, ìyẹn àkókò tí ọmọdé fẹ́ràn láti wẹ̀. Wọ́n ń gba awọ ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ tí wọ́n nílò kí wọ́n tó wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó dàgbà, kí akọ àti abo tó pàdé, kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìtọ̀. Ẹ fi oṣù méjì yìí sọ́kàn, a máa lò ó láìpẹ́.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà tí mo máa ń fi ṣàlàyé fún àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ìtọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, ìparí rẹ̀ ló máa ń pọ́n. Àmì pàtàkì nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ tó bá ti àpò ìtọ̀ wá sábà máa ń hàn ní ìparí, nígbà tí àpò náà bá ń fún ara rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò níbòmíràn, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan. Mo bèèrè aago tí wọ́n gba ìtọ̀ náà, ìyá rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ ni. Ẹyin aràn yìí kì í jáde bákan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló ń pọ̀ jù. A ní kí ọmọ náà sáré díẹ̀, kí ó sì tọ̀ nígbà tí aago méjìlá ti kọjá, kó má sì da ìparí ìtọ̀ náà nù, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin pọ̀ sí. A gbọn ìtọ̀ náà pọ̀, a fa mílílítà 10, a sẹ́ ẹ, a sì gbé asẹ́ náà sábẹ́ maikirosikóòpù. Ẹyin 64 ni a kà, gbogbo wọn ló ní ẹ̀gún ṣóńṣó ní ìdí. Tí ẹyin bá ti tó 50 nínú mílílítà 10, aràn náà pọ̀ lára ọmọ nìyẹn.

Kílógíráàmù 22 ni ọmọ náà wọ̀n. Mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni òṣùwọ̀n prasikuańtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn 880. A fún un ní oògùn oní-600 kan àti ààbọ̀, tó jẹ́ 900. Níbi tí kò bá sí ìwọ̀n, ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga wà: ọmọ tó ga ju 110 sẹ̀ntímítà lọ, tí kò tíì tó 125, ń gba kan àti ààbọ̀ bákan náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹun kó tó lò ó. Inú lè run ún, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè bì. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó fún ọmọ èyíkéyìí, ẹ bi òbí bóyá gìrì ti mú un rí. Tí aràn ẹlẹ́dẹ̀ bá ti wọ ọpọlọ ọmọ, oògùn yìí lè ta gìrì náà jí, dókítà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, a tún ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹyin ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ níbi báyìí pé oògùn kò ṣiṣẹ́, tàbí pé ọmọ ti padà sódò. Ẹ má tíì sọ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹyin tó ti há sínú ògiri àpò ìtọ̀ kí aràn tó kú lè máa jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkú ẹyin ni. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé a ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìtọ̀ náà sínú omi mímọ́ tí kò ní kílórínì, a ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, a ó sì máa wò ó. Ẹyin ààyè á pa, ohun tó jáde nínú rẹ̀ á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ti ọmọ yìí, méjì pa.

Ààyè ẹyin wá ni. Ṣé ọmọ ti padà sódò ni? Ẹ ka ọjọ́. Aràn tó bá wọlé lẹ́yìn oògùn kò tíì lè yé ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Aràn tó ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó lo oògùn ló yé e. Ìyá rẹ̀ sọ pé ọmọ náà ṣì ń wẹ̀ nínú adágún títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e wá, ìyẹn sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà: prasikuańtẹ́ẹ̀lì ń pa aràn tó ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn tó ṣì kéré. Àwọn èwe tó ṣẹ́kù ti dàgbà. A tún fún un ní òṣùwọ̀n kan náà, nígbà tí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ẹyin kankan mọ́.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìdí láti fura sí oògùn. Aràn yìí kì í bímọ nínú ara ènìyàn kí ọmọ rẹ̀ dàgbà síbẹ̀. Aràn kọ̀ọ̀kan tó bá wà lára ọmọ, inú omi ló ti wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò ti mọ́, oṣù márùn-ún sì ti kọjá: omi ló tún kó o. Ìyá náà gbà pé ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ti gbé e padà sí adágún.

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ omi kí n tó gbé oògùn sílẹ̀. Ẹ má kàn ní kí ọmọ má lọ sódò. Ẹ bèèrè ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ pọn omi wẹ̀ ni, omi tí wọ́n bá pọn, tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ láìsí ìgbín nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, kò ní lè fún un ní àtọ̀sí ajá mọ́, nítorí ọmọ aràn tí kò bá rí ara wọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Omi tí wọ́n bá sè, tó sì tutù, dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wíwẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù dín ewu kù ju ti ọ̀sán lọ, kò pa á rẹ́. Fífi aṣọ nu ara kíákíá lẹ́yìn ìwẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Tó bá jẹ́ eré ló gbé e lọ, ẹ sọ fún ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyá nìkan, pé kó má tọ̀ sínú omi láé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́ àlàyé ìgbín yékéyéké. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń wẹ̀ náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, nítorí ìtọ̀ ọ̀kan nínú wọn lè kó o ran ìgbín ibẹ̀. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé níbi tí àtọ̀sí ajá bá ti mú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí gbogbo ará ibẹ̀ láti ọmọ ọdún méjì sókè máa lo prasikuańtẹ́ẹ̀lì lọ́dọọdún, àgbàlagbà pẹ̀lú.

Nínú ìwé ìtọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ pa pọ̀: aago tí a gba ìtọ̀, ọjọ́ tó lo oògùn, àti ọjọ́ tó wọ omi kẹ́yìn.