Bàbá Alága Gba Máìkì Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn ránṣẹ́ pe ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ tó ń pín iná, èmi ni wọ́n ní kí n fi í han èrò. Ẹ rántí bó ṣe rí ní 2024: láti oṣù kẹrin, yúníìtì iná tó jẹ́ náírà 68 di náírà 225 fún àwọn tó wà ní Báǹdì A. Àwa náà bọ́ sí Báǹdì A. Owó rẹ̀ dé, iná rẹ̀ ò dé. Ẹni tí wọ́n bá gbé síwájú irú èrò bẹ́ẹ̀, bí àgbò iléyá ni.

Ọ̀nà méjì ni adarí ètò fi ń pa irú àlejò yìí. Bó bá bá a bẹ̀bẹ̀, ó ti dá a lẹ́bi kó tó lanu. Bó bá gbèjà rẹ̀, àwọn méjèèjì ni èrò máa jọ ṣán pa. Nítorí náà, mo pe ọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo bi í bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, mo sì ka àwọn ìbéèrè wa sí i létí, kó má baà di pé a dẹ pàkúté sílẹ̀ dè é. Ó fi ojú ewé méjì ránṣẹ́ nípa ara rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ lóríṣiríṣi, "ààyò àwọn oníbàárà". Mo fa ìlà sí gbogbo rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ àmì ẹ̀yẹ ẹni tó fi í sókùnkùn?

Lọ́jọ́ ìpàdé, Wòlíì àdúgbò wa ló kọ́kọ́ fẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n ní kó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó ké tantan: "Gbogbo agbára òkùnkùn tó ń bá àdúgbò yìí jà!" Àmín tí wọ́n ṣe, ojú àlejò ni gbogbo wọn ń wò. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ṣàmín, ó tiẹ̀ pariwo ju tiwa lọ.

Mo dìde, mo ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹnjiníà Lágbájá nìyí. Òun ló ń bójú tó iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń pín iná fún wa. Ohun mẹ́ta la ní kó wá dáhùn: ìdí tá a fi wà ní Báǹdì A, ìdí tí iná wa kì í fi í pé wákàtí 20 lójúmọ́ bí òfin ṣe wí, àti ọ̀rọ̀ tàráńsífọ́mà wa tó jóná. Yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ìbéèrè yóò gba ìṣẹ́jú 40. Kí ẹni tó fẹ́ bèèrè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé."

Ẹnìkan pòṣé. Àwọn tó kù ti ń du bíìrò akọ̀wé. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ kì í yára pariwo.

Àfi bí Bàbá Alága ṣe na ọwọ́ gba máìkì. "Àfikún díẹ̀." Ẹ bá mi wo ìjàngbọ̀n! "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wo ọmọ yìí. Kì í ṣe òun ló fowó kún iná. Òun náà ń sanwó iná nílé rẹ̀."

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá: "Ṣé ó ń san án?"

Ilé dàrú. Ìyá Ẹlẹ́ja ní, "Bàbá Alága, èló ni wọ́n fún yín?" Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara wọn. Àlejò wa jókòó, kò tíì sọ gbólóhùn kan, òógùn ti bo agbárí rẹ̀.

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ní sùúrù, mi ò sì dá sí ti Bàbá. Mo rọra gba máìkì, mo fi ìbéèrè ṣáájú ọ̀rọ̀ àlejò: "Orúkọ àkọ́kọ́, Ìyá Ẹlẹ́ja."

Ìyá fa ìwé kékeré kan yọ nínú báàgì, èyí tí omi yìnyín ti sọ etí rẹ̀ di rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Wọ́n ti ń kọ wákàtí iná sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí firísà wọn. "Ọjọ́ Ajé, wákàtí 9. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11. Ọjọ́rú, 6." Wọ́n kà á kọjá ọ̀sẹ̀ kan. "Ṣebí òfin ní bí kò bá pé 20 fún ọjọ́ 7 tẹ̀léra, kí ẹ gbé wa kúrò ní Báǹdì A?"

Ẹnjiníà yọ fóònù, ó ya fọ́tò ìwé náà lójú ewé lójú ewé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òfin wí, òun á fi í wé àkọsílẹ̀ tàwọn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Nígbà tó dé orí tàráńsífọ́mà, ó ní kò tíì sí nílẹ̀, wọ́n sì hó lé e lórí. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n hó lé, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ló kàn. Bí mo ṣe fi í hàn tán, Bàbá Alága tún nawọ́: "Àfikún díẹ̀." Mo ní, "Bàbá, bátìrì máìkì ti kú." Bátìrì ọ̀hún wà lápò mi.