Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí mo sá sóòrùn

Nígbà tí mo wà ní Nàìjíríà, mo mọ oṣù tí ọ̀fun mi máa ń bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá bo tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, màá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, imú á ṣomi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ sí mi lọ́fun. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ó tán nìyẹn. Ohun tó ń bá mi jà ṣeé fojú rí. Mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sórí rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba tí mo wà báyìí, n kò rí eruku kankan. Síbẹ̀, láti nǹkan bí àárín oṣù karùn-ún títí wọ oṣù keje, ńṣe ni mo ń ha ọ̀fun láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́, àwọn èèyàn á yíjú sí mi, wọ́n á rò pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ti òru ló wá burú jù. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ fúngbà díẹ̀, nǹkan kan á máa rìn mí lọ́fun bí ẹni ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde mumi."

Oògùn ikọ́ ni mo ń mu ṣáá, kò sì ṣiṣẹ́. Apoògùn kan ló là mí lójú pé ọ̀fun kọ́ ló ń ṣe mí, imú ni. Imú gbogbo èèyàn ló ń pèsè ikun lójoojúmọ́, à ń gbé e mì láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ara kò fẹ́ bá wọlé, ikun yẹn á pọ̀, nígbà mìíràn á sì ki, á gba ẹ̀yìn imú sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbá jọ sí. Bí mo sì ṣe ń fipá ha á ni ọ̀fun ń bó sí i, èyí tó bó náà ló tún ń yún mi. Ní báyìí, bó bá ti fẹ́ ṣe mí, màá gbé itọ́ mì gidi tàbí kí n fi omi díẹ̀ tì í.

Ohun tí ara mi kò fẹ́ níbí ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko, ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí: nílé, oòrùn ni mo fi ń tọ́jú gbogbo aṣọ, mo sì gbé àṣà náà dé ìhín. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí, màá sá wọn sórí okùn lẹ́yìn ilé. Ó gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí n tó ṣàkíyèsí pé òru Sátidé ló ń burú jù. Àṣé mo ń fi aṣọ kó lẹ́búlẹ́bú wálé, mo tún ń gbé orí lé e! Mo wá ń sá wọn sínú ilé, mo ń wẹ̀, mo sì ń fọ irun kí n tó sùn, fèrèsé yàrá á sì wà ní títì lálẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ nílé, bí mo ṣe ń ti fèrèsé náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ aṣọ sísá nìkan ló yí padà.

Oògùn tí apoògùn fún mi, fífín símú ni, ó ní sìtẹ́rọ́ọ́dù díẹ̀ nínú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń fín in lódì: mo ń gbé orí sókè, mo ń fa imú gidigidi, oògùn á wá korò lọ́fun. Bó bá ti korò lọ́fun, kò dúró nímú nìyẹn. Ńṣe là á tẹ orí ba díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á fín ihò òsì, ọwọ́ òsì á fín ti ọ̀tún, kí ó lè kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ìta, kí èèyàn sì rọra mí. Kì í ṣe oògùn ẹsẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣiṣẹ́ tán, ojoojúmọ́ sì ni. Èyí tó ń la imú lójú ẹsẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: bí a bá lò ó ju ọjọ́ mélòó kan lọ, imú á tún dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Apoògùn náà tún bi mí bóyá mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí àwọn kan nínú wọn, bíi lisinopírìlì, máa ń fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí imú kan ṣoṣo bá ń dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde, dókítà ni kí n lọ rí.

Ní oṣù kejìlá tó kọjá, mo fẹ́ lọ sílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wọ bàálù.